Títa Pátánì Aṣọ Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì: Bó Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Olùrà, Bí Wọ́n Ṣe Ń Jí I, Iye Tó Yẹ Kó Jẹ́

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Aránṣọ kan ra pátánì búláòsì kọ́sẹ́ẹ̀tì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí bísíńẹ̀sì sẹ́ńtà ìtòsí ilé rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lẹ ojú ìwé pọ̀ mọ́ra, ó gbé e lé aṣọ, ó gé e, ó sì rán an. Ínṣì 38 ni àyà ẹni tó ni aṣọ. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò, ẹ̀yìn búláòsì kò pàdé. Aránṣọ gbé fóònù, ó ní pátánì yín kò dáa, ẹ dá owó mi padà.

Kò sí ohun tó ṣe pátánì náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ti sún àwòrán náà kì díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè wọ inú ìwé láìkan etí. Bó bá dín ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún péré, àyà 38 ti di 36 àbọ̀ nìyẹn. Búláòsì tó rọ̀ lè gbà á mọ́ra. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tó ní egungun nínú kò ní gbà. Ẹni tó ya pátánì náà tọkàntọkàn ni wọ́n máa bú, aṣọ olówó iyebíye sì ti bàjẹ́.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń fi tan àwọn ènìyàn sínú òwò yìí, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn máa ṣe fáìlì, á sì máa tà á títí ayé láìtún fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń ta ọjà tó jẹ́ fáìlì lásán, ìbáà jẹ́ pátánì, tẹ́ńpílétì tí ọlọ́jà lè fi kọ ìṣirò rẹ̀, tàbí ẹ̀kọ́ kúkurú inú fídíò, ó máa mọ̀ láìpẹ́ pé ṣíṣe fáìlì náà ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Kó dé ọwọ́ olùrà kó sì ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí olè má sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, kí iye tí a pè é sì bójú mu, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gá ni, ó ní ọmọ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dá lórí kọ́sẹ́ẹ̀tì tí àwọn obìnrin ń wọ̀ sí òde aṣọ ẹbí. Ọjà méjì ló fẹ́ tà: pátánì tó wà nínú fáìlì PDF, láti sáìsì 8 dé 18, ní ₦3,500, àti ẹ̀kọ́ kúkurú tó ní fídíò méje, tí pátánì náà wà nínú rẹ̀, ní ₦15,000. Orí ọjà méjèèjì yìí ni màá dúró sí.

Ká kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé ṣe. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ya àpótí onígun mẹ́rin kan sí ojú ìwé àkọ́kọ́, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ẹ fi téèpù wọn àpótí yìí kí ẹ tó tẹ ojú ìwé yòókù.” Ọ̀pọ̀ ló ń ya àpótí yìí ní ínṣì kan, ìyẹn kò sì wúlò, nítorí bí ínṣì kan bá dín ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ojú kò lè rí i lórí téèpù. Ínṣì mẹ́rin ló dáa. Bí ẹ̀rọ bá ti sún un kì, àpótí náà kò ní ju ínṣì mẹ́ta àti díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, téèpù aránṣọ á sì fi hàn kedere. Kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé, níbi tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bá ti ń béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́, `Actual size` tàbí `100%` ni kí wọ́n mú, kí wọ́n má mú `Fit`. Ẹni tó wà ní bísíńẹ̀sì sẹ́ńtà kò mọ̀ pé pátánì aṣọ ni; bí ẹni tó fẹ́ tẹ lẹ́tà ló ṣe máa ṣe é, àfi bí oníbàárà bá sọ fún un.

Ohun kejì tí kò hàn sí ẹni tó ń tà láti Abẹ́òkúta ni pé ìwé tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà kì í ṣe A4. Tiwọn fẹ̀ ju A4 lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúrú sí i ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ínṣì kan. Bí ọmọ Yorùbá tó ń ránṣọ ní Houston bá ra pátánì náà, ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan máa gé kúrò, ojú ìlẹ̀pọ̀ kò sì ní bára mu mọ́. Oògùn rẹ̀ rọrùn: kí àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan má ju ínṣì méje àbọ̀ ní ìbú àti ínṣì mẹ́wàá ní gígùn. Ó wọ inú ìwé méjèèjì, ààyè etí sì tún kù.

Fídíò ní ìyà tirẹ̀. Bí fóònù tó dáa bá ya fídíò ìṣẹ́jú kan, ó lè ju 100 MB lọ. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ á wá súnmọ́ 1 GB, bẹ́ẹ̀ ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà ni yóò wò ó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀kọ́ kan kò yé òun, dátà rẹ̀ ló tán ní fídíò kejì, ojú ló ń ti í láti sọ. Kí ọ̀gá wa fi ètò kọ̀ǹpútà bíi HandBrake, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, dín fídíò kù sí 720p, kó sì jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ wà ní nǹkan bí 1,000 kilobíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ á di nǹkan bí 60 MB, fídíò méjèèje kò sì ní ju 420 MB lọ. Abẹ́rẹ́ àti ìlà ṣọ́ọ̀kì ṣì máa hàn dáadáa bí iná ibi tó ti ya á bá mọ́lẹ̀.

Báwo ni fáìlì ṣe máa dé ọ̀dọ̀ olùrà? Lórí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùrà á fi owó ránṣẹ́ sí bánkì, á ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, á sì kọ ọ́ pé, “Ẹ káàsán mà, mo ti san owó o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́.” Ó rọrùn, kò sì sí owó iṣẹ́ ojúlé ìtajà kankan. Àmọ́ àwòrán kì í ṣe owó. Àwọn kan wà tó ń ṣe ayédèrú àwòrán alẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó ń ta fáìlì kò ní yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ta ìrẹsì, nítorí kò sí àpò kankan tó máa dín nílé rẹ̀. Àpò owó inú bánkì ni kí ọ̀gá wa máa wò ṣáájú, kó má wo àwòrán, kó má sì gbára lé alẹ́ẹ̀tì orí fóònù nìkan. Ìṣòro kejì ni oorun. Ẹni tó sanwó ní aago méjìlá òru tí kò rí ọjà rẹ̀ gbà títí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ á ti máa rò pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì.

Ìdí nìyẹn tí ojúlé ìtajà tó ń dá fi fáìlì ránṣẹ́ fi tọ́ sí owó iṣẹ́ tó ń gbà. Selar jẹ́ ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ olùtajà ní Nàìjíríà ń lò: olùtajà gbé fáìlì síbẹ̀, olùrà san owó, línkì sì lọ bá a lójú ẹsẹ̀, ọ̀gá ìbáà sùn. Ṣùgbọ́n ìmeèlì ni línkì sábà máa ń gbà lọ, ibẹ̀ ni nǹkan sì ti ń bàjẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ aránṣọ kì í ṣí ìmeèlì rí. Ẹni tó tà wọ́n ní fóònù ló ṣí i fún wọn. Àwọn mìíràn á kọ `gmial.com` níbi tó yẹ kí wọ́n kọ `gmail.com`, ọjà wọn á sì rin ìrìn àjò tí kò ní débì kan. Nítorí náà, kí ó béèrè nọ́ńbà WhatsApp olùrà níbi tí wọ́n ti ń sanwó, kí bọ́tìnì tí olùrà máa tẹ̀ láti gba fáìlì sì hàn lójú ẹsẹ̀ tí owó bá ti wọlé, kó tó di pé ó wá ìmeèlì kiri.

Wọ́n tún máa ń fi iye ìgbà tí línkì lè ṣiṣẹ́ sí i, kó má baà di ti gbogbo ayé. Ó dáa, ṣùgbọ́n kí ó má há ju. Bí ó bá fi í sí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já láàrin ọ̀nà ti jẹ ọ̀kan, olùrà tó sanwó tọkàntọkàn á wá dúró níta ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló bójú mu. Bí ó bá sì jẹ́ Google Drive ló ń lò, kí ó mọ̀ pé línkì tí wọ́n bá fi sí `Anyone with the link` kò ní olówó mọ́: ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá bọ́ sí ló máa ṣí fún.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ olè. Ìrírí àwọn tó ti pẹ́ nínú òwò yìí fi hàn pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní olè jíjà níbí, kò sì yẹ ká fi pàṣán kan náà na wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ọ̀gá aránṣọ tó ra pátánì kan, tó sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà dà á kọ. Lójú tirẹ̀, irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló rà, bó ṣe ra sísọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ọ̀tá ẹni. Ohun tó yẹ ni kí ọ̀gá wa ní iye kejì tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ká sọ pé ₦8,000, tí yóò fún wọn láyè láti lò ó pẹ̀lú gbogbo ọmọ iṣẹ́. Kó sì kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ń rajà ní èdè tó yé gbogbo ènìyàn: “Ti ẹnì kan ni èyí, ti ṣọ́ọ̀bù ni ìyẹn.” Ọ̀pọ̀ á san án, nítorí kò sẹ́ni tó tíì fún wọn ní ọ̀nà láti ṣe dáadáa rí.

Ẹ̀kejì ni àwọn mẹ́wàá tó dá ₦1,500 jọ láti fi ra ẹ̀kọ́ ₦15,000, tí wọ́n á wá máa fi orúkọ ẹnì kan wọlé. Ohun tí àwọn yìí ń sọ ni pé iye náà pọ̀ ju agbára àwọn lọ. Bí ọ̀gá bá fún ẹgbẹ́ márùn-ún ní iye ẹgbẹ́, ká sọ pé ₦50,000, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lè fi aṣọ tó gé ránṣẹ́ kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn á bá ọ̀nà tó tọ́ wọlé.

Ẹ̀kẹta ni olè gidi: ẹni tó ra ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó wá ṣí ojú ìkànnì lórí Telegram, tó ń ta ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀kọ́ àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ ní owó táṣẹ́rẹ́. Ìyẹn ń jẹun lórí òógùn ẹlòmíràn, kò sì yẹ ká máa fi ọ̀rọ̀ dídùn pè é.

Kí ni a lè ṣe? Ká kọ́kọ́ sọ ohun tí kò ṣeé ṣe. Kò sí àgádágodo tó lè dí ẹni tó gbé fóònù kejì, tó sì ń fi í ya fídíò tó ń lọ lójú ti àkọ́kọ́. Telegram ní ètò kan, `Restrict Saving Content`, tí kì í jẹ́ kí wọ́n gba fídíò sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ síbòmíràn láti inú ẹgbẹ́. Ó wúlò, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń pín fáìlì kì í ṣe olè tó gbóná, ọwọ́ wọn ló kàn yá. Kí ọ̀gá tún ṣètò rẹ̀ pé ẹni tó bá tẹ línkì kò ní wọlé títí òun fi gbà á wọlé, kó sì fi orúkọ wé àkọsílẹ̀ àwọn tó ti sanwó. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún àgádágodo tó le jù, irú èyí tó ní kí olùrà gba ètò àkànṣe sórí fóònù kó tó lè ṣí fáìlì. Lórí fóònù tó ti pẹ́, kì í ṣiṣẹ́. Olè kò ní rí wàhálà náà rárá, nítorí ẹ̀dà tó ń tà ti bọ́ lọ́wọ́ àgádágodo. Ẹni tó sanwó nìkan ló ń jìyà rẹ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni orúkọ. Kí wọ́n tẹ orúkọ olùrà àti nọ́ńbà ìsanwó rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé pátánì kọ̀ọ̀kan: “Ti ẹni báyìí ni, nọ́ńbà ìsanwó báyìí.” Àwọn ojúlé ìtajà kan ń ṣe é fúnra wọn; bí olùrà kò bá pọ̀, ọ̀gá lè fi ọwọ́ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rí orúkọ ara rẹ̀ lórí ojú ìwé á ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni ẹgbẹ̀rún. Olè lè gé ìsàlẹ̀ ìwé kúrò. Nítorí náà, àwọn kan tún máa ń fi àmì kékeré kan pamọ́ sínú àwòrán fúnra rẹ̀, bíi nọ́ńbà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìgé, ní ibi tí ẹni tó bá gé e kúrò á ba pátánì jẹ́.

Bí ọ̀gá bá rí ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ níta, tí orúkọ oníbàárà sì wà lórí rẹ̀, kí ó má yára pè é ní olè. Lọ́pọ̀ ìgbà, olùrà náà fi ran ọ̀rẹ́ kan lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ náà ló tà á. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí ẹ̀dà tó ní orúkọ yín níbì kan, ta ni ẹ fún?” ń mú òótọ́ jáde ju ìhàlẹ̀ lọ.

Fún olè gidi, òfin wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni ààrẹ Nàìjíríà buwọ́ lu òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022. Òfin náà dá ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ mọ̀ láti ìgbà tó ti ṣe iṣẹ́ náà, láìjẹ́ pé ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fi iṣẹ́ rẹ̀ tó àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ létí, kí àkọsílẹ̀ lè wà. Ó tún fún un láyè láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí ojú ìkànnì olè wà lórí rẹ̀ pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ òun kúrò. Nínú ìwé náà ni kí ó ti sọ iṣẹ́ wo ni wọ́n jí, línkì ibi tí wọ́n gbé e sí gan-an, orúkọ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lè rí i, àti pé òótọ́ ni ohun tó sọ. Kí ó ti ya àwòrán gbogbo nǹkan tó rí kó tó kọ ọ́, nítorí olè máa ń pa ojú ìkànnì rẹ̀ rẹ́ tó bá gbọ́ ìró. Telegram ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa ojú ìkànnì tí gbogbo ayé lè rí, ní `dmca@telegram.org`. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá sí ohun tó ń lọ nínú ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀. Lójú tèmi, ibi tó máa ń dun olè jù ni owó rẹ̀. Bó bá ń gba owó nípasẹ̀ ojúlé ìtajà kan, ilé iṣẹ́ tó ni ojúlé náà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí.

Ohun kan wà tí òfin kò dáàbò bò, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n kí a má baà bá aláìṣẹ̀ jà. Àwòrán pátánì, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá kọ, àti fídíò tó yà jẹ́ tirẹ̀. Ọgbọ́n gígé kọ́sẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó wo ẹ̀kọ́ náà, tó lóye rẹ̀, tó wá ya pátánì tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní èdè tirẹ̀, kò jí nǹkankan. Bí gbogbo ọ̀gá aránṣọ ṣe rí iṣẹ́ kọ́ náà nìyẹn.

Ó wá ku iye. Ọ̀pọ̀ ń ka ojú ìwé tàbí ìṣẹ́jú fídíò láti mọ iye tí wọ́n máa pè é, èyí ló sì ń mú kí wọ́n fa fídíò gùn láìnídìí. Aránṣọ tó ń rà kò fẹ́ ìṣẹ́jú. Ohun tó ń rà ni kí léèsì oníbàárà má bàjẹ́ lọ́wọ́ òun, kí òun sì lè gba iṣẹ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì tí òun ti ń lé lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ohun tí léèsì kan tó bàjẹ́ máa ná an, ẹ wo owó iṣẹ́ tó máa gbà lórí kọ́sẹ́ẹ̀tì kan. Bí pátánì bá kéré ju méjèèjì lọ, kò ní janpata.

Owó iṣẹ́ ìsanwó náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Paystack ṣe gbé iye rẹ̀ jáde, ó ń gba ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí wọ́n san láàrin Nàìjíríà, á tún fi ₦100 kún un, kò sì ní ju ₦2,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí owó náà kò bá tó ₦2,500, kò ní gba ₦100 yẹn. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ta ọjà ní ₦2,500 máa rí ₦2,362.50 gbà, ẹni tó tà á ní ₦2,450 máa rí ₦2,413.25. Ẹni tó tà á lówó kékeré ló gba owó púpọ̀. Títí dé nǹkan bí ₦2,550 ni bẹ́ẹ̀ ṣe rí, nítorí náà kò sí ìdí láti pe ohunkóhun ní iye tó wà láàrin ₦2,500 sí ₦2,550. Lórí pátánì ₦3,500, ₦3,347.50 ló máa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa.

Ẹ̀kọ́ ₦15,000 ni ìṣirò rẹ̀ ti le, nítorí àkókò ọ̀gá wà nínú rẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè fi àwòrán aṣọ tó gé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òun á sì sọ ibi tó ti yẹ kó tún un ṣe. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn wákàtí kan lórí ẹnì kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ ogójì, wákàtí ogójì nìyẹn, yàtọ̀ sí nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí tó fi ya fídíò. Lẹ́yìn owó Paystack, ₦14,675 ló kù lórí ẹnì kan, ₦587,000 lórí gbogbo wọn. Ká sọ pé alágbàtà ló mú mẹ́wàá nínú wọn wá, tó sì gba ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦6,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦60,000 ti lọ. Ìpolówó jẹ ₦120,000, dátà jẹ ₦15,000. ₦392,000 ló kù, fún àádọ́rin wákàtí iṣẹ́. ₦5,600 ni wákàtí kan nìyẹn. Kí ó fi wé ohun tó ń rí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bí ìránṣọ bá ń mú jù bẹ́ẹ̀ wọlé, a jẹ́ pé iye náà kéré, tàbí pé ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn ti pọ̀ jù.

Ìṣirò yìí náà ló máa sọ fún un iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gbà. Bí ó bá ní ogójì ni òun fẹ́, tí ogójì sì pé, kí ó ti ilẹ̀kùn lóòótọ́. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí àwọn tó gbé aago sójú ìkànnì pé iye á lọ sókè ní òru òní, bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá padà wá lọ́la, aago náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni, olùrà sì ń mọ̀.

Fún àwọn tó wà ní òkè òkun, kí ó ya iye wọn sọ́tọ̀ ní owó wọn, kó má kàn sọ náírà di pọ́n-ùn. Ohun tó ń ná aránṣọ ní Peckham láti ba léèsì kan jẹ́ kì í ṣe ti Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lórí fáìlì tí wọ́n bá tà fún ará ìlú wọn, àní bí olùtajà kò bá sí níbẹ̀. Àwọn ojúlé bíi Gumroad ń bá olùtajà gba owó orí náà, wọ́n sì ń san án fún ìjọba. Ohun tí wọ́n ń gbà lórí ọjà kọ̀ọ̀kan ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n, kí ó kọ́kọ́ wò ó bí wọ́n ṣe máa fi owó ránṣẹ́ sí bánkì rẹ̀. Kí ó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ ìgbà tí olùrà kọ̀ọ̀kan gba fáìlì, nítorí olùrà òkè òkun lè ní kí bánkì òun gba owó náà padà, ẹ̀rí pé ọjà dé ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ olùtajà.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀gá wa máa ní láti ṣe léraléra. Àṣìṣe máa wà nínú pátánì rẹ̀. Olùrà kan á kọ̀wé pé ìlà ojú ìwé kẹsàn-án àti ìkẹwàá kò bára mu ní sáìsì 16, òótọ́ ló sì máa jẹ́. Kí ó tún un ṣe lọ́jọ́ náà, kó yí orúkọ fáìlì láti `koseeti-v1.pdf` sí `koseeti-v2.pdf`, kó sì kọ ọjọ́ tó tún un ṣe sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó fi tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó sọ ibi tí àṣìṣe náà wà, kí ẹni tó ti gé aṣọ lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó rán an. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ olè kò ní gbọ́. Ẹ̀dà kìíní ni yóò ṣì máa gé.